Pupa mélòó ló wà lórí àtẹ yìí? Ọ̀nà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà lè gbà ka ìlẹ̀kẹ̀ nínú fọ́tò, àti èyí tó yẹ kí ẹ mú

Àbúrò ìyá mi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó ní tòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bí iṣẹ́ kan bá ti parí, inú ike kan ṣoṣo ló ń da gbogbo ìṣẹ́kù sí: pupa, búlúù, yẹ́lò, funfun, gbogbo wọn á dàpọ̀ mọ́ra. Bí oníbàárà mìíràn bá wá dé, á fẹ́ mọ̀ bóyá pupa tó wà nínú ike náà tó sín ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, àbí kí òun tún gbọ̀nà ọjà lọ. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ tí o ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ yìí, ṣé fóònù ọwọ́ rẹ ò lè bá mi kà á ni?" Mo ní, "Ó lè kà á, Àǹtí, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀."

Ẹnu mi ti yá jù. Kíkà á ò ṣòro. Mímọ̀ bóyá iye tó jáde jẹ́ òótọ́ ló gbà mí lọ́jọ́ mẹ́rin. Ohun tí mo rí nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ fi wéra fún yín, kí ẹ lè mú èyí tó bá ìlẹ̀kẹ̀ tiyín mu.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan nípa òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá ti ṣa àwọn àwọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ya fọ́tò kankan. Ẹ ka 50, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ẹ gbé ìyókù náà lé e, kí ẹ sì pín in. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ìgbà tí àwọn àwọ̀ bá dàpọ̀ nìkan ni fọ́tò fi ń borí òṣùwọ̀n, torí pé àtiṣà á gan-an ni iṣẹ́ tí a ń sá fún.

Àwọ̀: ṣé RGB ni àbí HSV?

Iṣẹ́ náà ní ìgbésẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, a ó fa ààlà sí àwọ̀: píkísẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò, èyí tó bá bọ́ sáàárín ààlà "pupa" á di funfun, gbogbo ìyókù á di dúdú. Èkejì, a ó wo àwọn píkísẹ́lì funfun tó fara kanra, a ó sì ka ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ra sí ọ̀kan. Agbo ni mò ń pè é, torí ó jọ àwọn èèyàn tó di ọwọ́ ara wọn mú: bí ìwọ àti ẹnìkan bá di ọwọ́ mú, tí òun náà sì di ti ẹlòmíràn mú, inú agbo kan náà ni gbogbo yín wà.

Fọ́tò máa ń wá gẹ́gẹ́ bí RGB, ìyẹn iye pupa, iye gírínì àti iye búlúù tó wà nínú píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni pé kí a ní ohunkóhun tí R rẹ̀ bá ju 150 lọ, pupa ni. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo mú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan tí oòrùn tàn sí apá kan rẹ̀, tí òjìji sì bo apá kejì. Níbi tó mọ́lẹ̀, píkísẹ́lì kan jẹ́ (200, 40, 45). Níbi òjìji, òmíràn jẹ́ (100, 20, 22). Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni, àmọ́ òfin R mi gé e sí méjì, ó ju ìdajì rẹ̀ nù.

HSV tún nọ́ńbà mẹ́ta kan náà tò lọ́nà mìíràn: H ni irú àwọ̀, S ni bí àwọ̀ náà ṣe ki tó, V ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Nínú OpenCV, àkójọ kóòdù fún iṣẹ́ àwòrán tí mo lò, píkísẹ́lì méjèèjì yẹn ní H 179 àti S 204. V nìkan ló yàtọ̀, 200 àti 100. Òjìji dín ìmọ́lẹ̀ kù, kò fọwọ́ kan irú àwọ̀ náà. Nítorí náà, fún ìlẹ̀kẹ̀ tó ní àwọ̀ gidi, HSV ni kí ẹ mú, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Pupa ní ìdẹkùn kan ṣá. Nínú OpenCV, H ń lọ láti 0 dé 179, ó sì ń yí po bí aago. Orí ìkórìíta ibi tí 179 ti ń padà sí 0 ni pupa jókòó sí. Bí ẹ bá fa ààlà kan ṣoṣo, ẹ ó pàdánù apá kan nínú pupa yín. Ààlà méjì ni ẹ ó fà, ẹ ó sì so wọ́n pọ̀:

```python
import cv2, numpy as np
im = cv2.imread("ileke.jpg")
im = cv2.resize(im, (2000, 1500), interpolation=cv2.INTER_AREA)
hsv = cv2.cvtColor(im, cv2.COLOR_BGR2HSV)
m = cv2.inRange(hsv, (0, 110, 50), (8, 255, 255))
m |= cv2.inRange(hsv, (170, 110, 50), (179, 255, 255))
```

Funfun àti dúdú ni HSV kò fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́, nítorí wọn ò ní irú àwọ̀ kan pàtó. H wọn kàn ń fò káàkiri ni. Fún funfun, S tó kéré àti V tó ga ni ẹ ó lò. Ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: funfun 37 ló wà lórí àtẹ wa, kọ̀ǹpútà ní ó lé ní 100. Àṣé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán ló ní ojú ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lórí, níbi tí ojú ọ̀run ti ń hàn nínú rẹ̀. Ojú ìmọ́lẹ̀ yẹn funfun gbòò, ì báà jẹ́ orí pupa tàbí orí búlúù ló wà. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe tóbi tó: ó kéré gan-an sí ìlẹ̀kẹ̀ gidi, nítorí náà ẹ kàn ju agbo kékeré nù ni.

Àwọ̀ aṣọ tí ẹ tẹ́ sábẹ́ ṣe pàtàkì ju kóòdù lọ. Aṣọ eérú tí kò dán ni mo fi ṣe é. Tẹ́lẹ̀, mo ti ronú láti gbé àwo sórí gíláàsì kí n tan iná sí i lábẹ́, kí òjìji má bàa sí rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yí mi lọ́kàn padà. Ní Igbó Olókun, níbi tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, irú kan wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ ayé àtijọ́ yẹn tó jẹ́ búlúù bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sójú rẹ̀, àmọ́ tó ń di àwọ̀ ewé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọjà ti Àǹtí kì í ṣe sẹ̀gi, ṣùgbọ́n gíláàsì tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀ ń hùwà tó jọ ọ́: bí iná bá wà lábẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, S á já wálẹ̀. Ẹ ya fọ́tò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti òkè.

Ohun kan tún ń ba àwọ̀ jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ìyẹn ni fífi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán. Ó ń dín in kù, ó sì ń fún un pọ̀ débi pé etí ìlẹ̀kẹ̀ á rú mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "Document".

Kíkà: agbo lásán, pípín ìtẹ́jú, tàbí jíjìn sí etí

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ kí n fi pupa orí àtẹ wa ṣàlàyé. Mo fi ọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì: 64 ni. Ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́ mìlímítà 8. Àtẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ló kún fọ́tò tó ní píkísẹ́lì 2000 ní ìbú, nítorí náà ìlẹ̀kẹ̀ kan fẹ̀ tó píkísẹ́lì 53, ìtẹ́jú rẹ̀, ìyẹn iye píkísẹ́lì tó gbà, sì tó 2,200. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún tiyín kí ẹ tó kọ ohunkóhun, nítorí gbogbo nọ́ńbà tó kù ló ń ti inú rẹ̀ wá.

Ọ̀nà kìíní ni kí a ka agbo lásán:

```python
k = cv2.getStructuringElement(cv2.MORPH_ELLIPSE, (7, 7))
m = cv2.morphologyEx(m, cv2.MORPH_OPEN, k)
n, lab, st, cen = cv2.connectedComponentsWithStats(m, connectivity=4)
a = st[1:, cv2.CC_STAT_AREA]
a = a[a > 600]
print(len(a))
```

`st[1:]` wà níbẹ̀ nítorí pé agbo àkọ́kọ́, nọ́ńbà 0, ni aṣọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á máa ka ẹyọ kan lé nígbà gbogbo. `connectivity=4` ní tirẹ̀ ní kí píkísẹ́lì di ọwọ́ mú lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì nìkan. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, OpenCV á lo 8, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n di ọwọ́ mú ní igun náà, tí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó kàn fi igun kan ara wọn á sì di ọ̀kan.

Kí n tó fi `MORPH_OPEN`, tó ń fọ ẹ̀rún kéékèèké dànù, sí i, tí n kò sì tíì ju agbo kékeré nù, iye tó jáde ni 60. Inú mi dùn. 60 nínú 64, kò burú rárá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe Àǹtí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ya àwọ̀ sára agbo kọ̀ọ̀kan kí n lè fojú rí i. Mẹ́sàn-án nínú 60 yẹn kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ rárá, ẹ̀rún àwọ̀ ni, òmíràn jẹ́ pupa tó tàn sára ìlẹ̀kẹ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn 51 tó kù ni ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ àwọn kan nínú wọn jẹ́ méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra. Àṣìṣe kan ń fi kún un, èkejì ń yọ kúrò, àwọn méjèèjì sì bò ara wọn mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe fọ ẹ̀rún náà dànù tán, iye náà já sí 51, ó tún wá jìnnà sí òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi bí iye ṣe súnmọ́ ohun tí ẹ ń retí dá kóòdù yín láre. Ẹ wo agbo fúnra rẹ̀.

Agbo lásán dára fún ìlẹ̀kẹ̀ tí kò fara kanra rárá. Bí ẹ bá ní sùúrù láti fi ìka tú wọn ká lórí aṣọ, kò sí ohun tó dára jù ú lọ, ẹ lè dúró síbí.

Ọ̀nà kejì ni kí a pín ìtẹ́jú. Nígbà tí mo to ìtẹ́jú agbo 51 náà láti kékeré dé ńlá, ìtàn náà hàn kedere: 41 nínú wọn ò ju bíi 2,200 lọ, mẹ́jọ súnmọ́ 4,400, ọ̀kan jẹ́ 6,500, ọ̀kan sì jẹ́ 8,700. Ìyẹn ni 41 tó dá dúró, méjì-méjì mẹ́jọ, mẹ́ta kan, àti mẹ́rin kan. Ẹ rò ó pọ̀: 41, 16, 3, 4. 64 ni. Ohun tí kóòdù ní láti ṣe ni kó mú nọ́ńbà tó bọ́ sáàárín gbùngbùn, kó fi pín ìtẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kó sì mú èsì lọ sí odidi tó súnmọ́ ọn jù:

```python
t = np.median(a)
print(np.round(a / t).astype(int).sum())
```

Ìlà méjì péré, ó sì gbé 64 jáde. Nọ́ńbà àárín gbùngbùn ni mo lò, n kò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí n pín in dọ́gba, nítorí agbo ẹlẹ́ni mẹ́rin á fa ìpín dọ́gba sókè, ṣùgbọ́n kò lè mi àárín gbùngbùn níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó dá dúró bá ju ìdajì lọ. Ẹ fi ojú sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Bí ẹ bá da ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ débi pé méjì-méjì ló pọ̀ jù, àárín gbùngbùn á di 4,400, iye yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé sí ìdajì láìsí àmì kankan. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹ ṣírò ìtẹ́jú ẹyọ kan láti inú mìlímítà: bí `t` kò bá jọ ohun tí ẹ ṣírò, ẹ dúró.

Ohun tó ń pa ọ̀nà yìí ni títóbi tó yàtọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 8 àti ti 6 jọra lójú, ìyàtọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ike. Ṣùgbọ́n ìtẹ́jú ń gun ní ìlọ́po ara rẹ̀: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, bí a bá sì fi 36 pín 64, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8. Ká ní 30 nínú pupa yín jẹ́ mìlímítà 6, tí 20 sì jẹ́ 8, tí gbogbo wọn dá dúró. Àárín gbùngbùn á bọ́ sórí ti 6, ti 8 kọ̀ọ̀kan á di 1.8, kóòdù á sì kà á sí méjì. Dípò 50, ẹ ó rí 70. Bó bá jẹ́ ti 8 ló pọ̀ jù ńkọ́? Àwọn tó dá dúró á bọ́ sípò, nítorí 0.56 ṣì ń lọ sí 1, àmọ́ méjì ti 6 tó lẹ̀ mọ́ra á jẹ́ 1.1, wọn á sì di ọ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni, ó ń ṣàṣìṣe sókè lónìí, ó ń ṣe é sísàlẹ̀ lọ́la.

Ọ̀nà kẹta kò bìkítà fún ìtẹ́jú. Fún píkísẹ́lì funfun kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé: báwo ni o ṣe jìnnà tó sí dúdú tó súnmọ́ ọ jù? Ní etí ìlẹ̀kẹ̀, ìdáhùn jẹ́ 1. Ní àárín rẹ̀, ó tó 26. Níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ méjì ti fara kanra, ọrùn tóóró ló wà níbẹ̀, ìdáhùn ò sì ní ju 5 tàbí 10 lọ. Nítorí náà, bí a bá gé ohun gbogbo tó kéré sí 20 dànù, ọrùn á já, àárín ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kù bí erékùṣù kékeré, a ó sì ka erékùṣù.

```python
d = cv2.distanceTransform(m, cv2.DIST_L2, 5)
c = (d > 20).astype(np.uint8)
print(cv2.connectedComponents(c)[0] - 1)
```

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó gbé 11 jáde. Ojú ìmọ́lẹ̀ yẹn ló tún dé. Ó ti lu ihò sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán dúdú-funfun náà, ihò sì jẹ́ dúdú, nítorí náà kò sí píkísẹ́lì kankan níbẹ̀ tó jìnnà sí dúdú. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ kò ka ihò sí. Ti ẹ̀kẹta yìí ni ihò ń pa. Ẹ gbọ́dọ̀ dí i kí ẹ tó wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ má dí gbogbo ihò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sí: pupa mẹ́fà ló yí búlúù kan ká. Lójú ààlà pupa, búlúù yẹn jẹ́ ihò dúdú láàárín agbo, mo dí i, ó sì di pupa keje. Ẹ dí kìkì ihò tó kéré sí ìdá mẹ́rin ìlẹ̀kẹ̀ kan, bíi 550 fún tiwa:

```python
n, lab, st, cen = cv2.connectedComponentsWithStats(255 - m, connectivity=8)
for i in range(1, n):
    if st[i, cv2.CC_STAT_AREA] < 550:
        m[lab == i] = 255
```

Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé 63 jáde. Ẹyọ kan tó sọnù wà lábẹ́ búlúù kan dé ìdajì. Ìyókù tó yọ síta ní ìtẹ́jú tó 1,300, ọ̀nà kejì sì kà á sí ọ̀kan láìjanpata, nítorí ó ju ìdajì lọ díẹ̀. Àmọ́ ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ tín-ín-rín, kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó jìnnà sí etí tó 20.

Nínú àpẹẹrẹ 30 àti 20 yẹn ni ọ̀nà kẹta ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Àárín ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 6 ń dé 20 péré, nítorí náà ẹ sọ ààlà yín di 15, àwọn méjèèjì á sì jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó tí ẹ san fún un ni pé 15 súnmọ́ ọrùn jù. Bí ti 8 mẹ́ta bá fara ti ara wọn bí ààrò, àlàfo kékeré tó wà láàárín wọn á di dídí pẹ̀lú ihò, àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè so pọ̀ di erékùṣù kan. Ẹ wá a lójú àwòrán: erékùṣù onígun mẹ́ta ni.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Fún ike Àǹtí, ọ̀nà kejì ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mìlímítà 8 ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi ìka tú 200 ìlẹ̀kẹ̀ ká. Ẹni tí tirẹ̀ bá dàpọ̀ ní títóbi, kó mú ẹ̀kẹta, kó sì múra láti fi ojú wo ohun tó jáde. Ẹni tó ní ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ bíi sẹ̀gi, kó lọ sí ọ̀nà kìíní kó sì tú wọn ká: pípín ìtẹ́jú á dààmú bí gígùn wọn bá yàtọ̀, ẹ̀kẹta náà kò sì lè já ọrùn tí kò sí nígbà tí méjì bá sùn ti ara wọn ní ìhà.

Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mìlímítà 2, ìyẹn ò fẹ̀ ju píkísẹ́lì 13 lọ lórí àtẹ kan náà. `MORPH_OPEN` oní-7 tó ń fọ ẹ̀rún á máa gé ara rẹ̀ jẹ. Ẹ fi fóònù súnmọ́ ọn kí ẹ ya apá kan àtẹ, tàbí kí ẹ padà sórí òṣùwọ̀n.

Bó bá jẹ́ súìtì ni ẹ fẹ́ kà dípò ìlẹ̀kẹ̀, èyí tí kò ní ọ̀rá lára, tó rí roboto, ìlẹ̀kẹ̀ ni lójú kóòdù yìí. Súìtì onírọ́bà tó ń dán, tó ní àwọ̀ méjì àti ìwé lára, ẹ má fi àsìkò ṣòfò lé e lórí. Ìwé náà á gé agbo kan sí mẹ́ta, rọ́bà á sì máa tàn funfun káàkiri.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè ka ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lábẹ́ òmíràn pátápátá. Ohun tí mo ń ṣe fún èyí ni pé mo ń mi àtẹ náà díẹ̀, mo sì ń ya fọ́tò mẹ́ta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú 64, 64, 63 wá, mo máa ń sọ 64 fún Àǹtí. Bí wọ́n bá mú 64, 58, 61 wá, ìlẹ̀kẹ̀ ló gun ara wọn, àtẹ náà kéré, mo sì máa ń da ìdajì rẹ̀ padà sínú ike kí n tó tún un yà.